Ibi tí ẹnu dókítà mọ: bí ẹ ṣe lè ka ìròyìn dókítà lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wá sí Àkúrẹ́ láti Mànṣẹ́sítà fún ọdún Kérésì. Ọjọ́ kẹta tó dé ló wá bá mi nílé ní Ìjàpó, ó na ìwé kan sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí. Dókítà yìí ò fẹ́ kí n rówó gbà rárá." Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà lọ́hùn-ún kí n tó padà wálé, irú ìwé yẹn gan-an ni mo sì máa ń kà. Mo kà á tán. Dókítà náà kò ṣe é níkà. Ibi tí ohun tó mọ̀ parí sí ló dúró sí. Bí mo ṣe ṣàlàyé fún ọmọ náà ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wéèsì, torí mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ọ̀rọ̀ yìí kó bá.

Inú oṣù Kejì ọdún 2024 ni ìjàm̀bá náà ṣẹlẹ̀. Ó ń bọ̀ láti ibi tó ti ń tọ́jú àwọn àgbàlagbà, ó dúró de iná ojú pópó, ọkọ̀ kan sì gbá tirẹ̀ lẹ́yìn. Ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀yìn tẹ̀ lé e, nígbà tó sì yá, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń jó o bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Ó fi ẹ̀sùn rẹ̀ sórí Official Injury Claim, ìyẹn ojúlé tí àwọn tó bá wà nínú ọkọ̀ lè lò fúnra wọn láìgba lọ́yà. Òfin kò gbà kí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì sanwó ọrùn àti ẹ̀yìn tó rọ́ láìsí ìròyìn dókítà nílẹ̀. Nítorí náà, ó mú dókítà kan nínú àwọn tí ètò MedCo fà yọ fún un, wọ́n sì ríra ní oṣù Keje.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé dókítà yẹn kì í ṣe dókítà yín. Kò wá tọ́jú yín, kò sì wá gbèjà yín. Kóòtù ló ń ṣiṣẹ́ fún, ẹni yòówù tí ì báà san owó rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti ya ohun tí òun mọ̀ fúnra òun sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún òun. Ibi mẹ́ta péré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè wá: ohun tí ẹ sọ, ohun tó rí nígbà tó yẹ̀ yín wò, àti ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìtọ́jú yín bí wọ́n bá fún un. Kò lè sọ ẹni tó jẹ̀bi ìjàm̀bá náà. Kò lè búra pé òótọ́ lẹ ń sọ. Ohun tó lè kọ ni pé irú ìrora tí ẹ ṣàpèjúwe bá irú ìkọlù tí ẹ ṣàpèjúwe mu. Kóòtù kò sì ní kó dá a lójú pátápátá. Bó bá ti ju 50 lọ nínú 100 pé ìjàm̀bá náà ló fà á, ó ti tó.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti wọ́. Nínú ìròyìn ọmọ yìí, mo rí i pé dókítà kọ pé ọrùn "ti ń sàn dáadáa." Mo bi í pé kí ló sọ fún dókítà. Ó ní dókítà béèrè bí ara ṣe rí, òun sì dáhùn pé a dúpẹ́, ara ti ń yá. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé ni yóò dáhùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà yẹn kò mọ̀ pé ìkíni ni. Bó ṣe gbọ́ ọ ló kọ ọ́. Ó yẹ kí ó sọ pé òun kì í lè yí ọrùn wẹ̀yìn bí òun bá ń wakọ̀, pé òun máa ń jí lóru lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, òrí àti omi gbígbóná ló fi ń wọ́ ọrùn ní gbogbo oṣù márùn-ún yẹn. Kò lọ sọ́dọ̀ jíì-píì rẹ̀, ìyẹn dókítà àdúgbò tó ń tọ́jú rẹ̀, rárá. Kò sí ìwé kankan tó lè gbè é lẹ́sẹ̀.

Ti ẹ̀yìn ló bà mí lẹ́rù jù. Láti ọdún 2022 ni ẹ̀yìn ti ń dun ún nítorí gbígbé àwọn tó ń tọ́jú, ó sì ti sọ fún jíì-píì nígbà náà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún dókítà ìròyìn pé ẹ̀yìn kò dun òun rí, ó rò pé òtítọ́ yóò ba ẹ̀sùn náà jẹ́. Dókítà wá kọ ọ́ pé òun kò rí ìwé àkọsílẹ̀ kankan, àti pé bí ìwé bá gbé nǹkan mìíràn jáde, èrò òun lè yí padà. Ẹ má fojú kéré gbólóhùn yẹn. Bí ínṣọ́ránsì bá gba ìwé jíì-píì, irọ́ náà á hàn, òfin ọdún 2015 sì ní kí adájọ́ da gbogbo ẹ̀sùn nù, títí kan apá tó jẹ́ òótọ́, bí olùpẹ̀jọ́ bá ti ṣe àbòsí tó dé gbòǹgbò ẹ̀sùn náà, àfi tí ìyẹn bá máa jẹ́ ìyà tó pọ̀ jù fún un. Ká ní ó sọ òótọ́ ni, dókítà mọ bí wọ́n ṣe ń yà á: á kọ pé ẹ̀yìn ti ń dùn tẹ́lẹ̀, pé ìjàm̀bá mú un le sí i fún iye oṣù báyìí, lẹ́yìn náà ó padà sí bó ṣe wà. Iye oṣù yẹn jẹ́ tirẹ̀ láìsí àríyànjiyàn.

Ó bínú jù lórí ìka ọwọ́. "Ó ní kò sí nǹkan tó ṣe ọwọ́ mi." Dókítà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kọ ni pé jíì-píì lòun, pé ọ̀rọ̀ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ọwọ́ kọjá ìmọ̀ òun, àti pé kí oníṣẹ́ abẹ egungun yẹ̀ ẹ́ wò bí kò bá lọ. Ilẹ̀kùn ló ṣí sílẹ̀ fún un, òun sì rò pé ó tì í ni.

Ìgbà tí ara yóò fi bọ̀ sípò ńkọ́? Dókítà kọ oṣù mẹ́sàn-án fún ọrùn. Ọmọ yìí kà á láti ọjọ́ àyẹ̀wò, ó sì pa oṣù Kẹrin 2025 mọ́ra. Ọjọ́ ìjàm̀bá ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà oṣù Kọkànlá 2024 ló parí, ọrùn sì ń dùn ún níwájú mi ní oṣù Kejìlá. Fún ìjàm̀bá tó ṣẹlẹ̀ láàrin 31 oṣù Karùn-ún 2021 àti 30 oṣù Karùn-ún 2025, ọrùn tó ju oṣù mẹ́fà lọ ṣùgbọ́n tí kò kọjá mẹ́sàn-án gba 840 pọ́n-ùn. Èyí tó kọjá mẹ́sàn-án tí kò ju méjìlá lọ gba 1,320. Owó náà ti gòkè díẹ̀ fún ìjàm̀bá ẹ̀yìn ìgbà yẹn.

Ó fẹ́ kí n bá òun kọ lẹ́tà sí dókítà pé kó sọ mẹ́sàn-án di méjìlá. Mo kọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ ní àṣẹ láti tún ṣe kí ẹ tó fọwọ́ sí ìròyìn: ọjọ́ tí wọ́n kọ ṣì, ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n fi rọ́pò òsì, ẹ̀yìn tí ẹ kò dárúkọ. Èrò dókítà kì í ṣe tiyín láti yí. Àmọ́ ìpìlẹ̀ tí èrò náà dúró lé lè yí, nígbà náà dókítà fúnra rẹ̀ á tún un yẹ̀ wò.

Ó dára pé kò tíì fọwọ́ sí i, kò sì tíì gba owó kankan, torí bí ẹ bá ti gbà, ó parí nìyẹn, ì báà jẹ́ pé ọrùn ń dùn títí di ọdún tó ń bọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ kọ̀wé nípa ẹ̀yìn ọdún 2022, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Kó rí jíì-píì ní ọ̀sẹ̀ tó bá padà, kó sọ ti ọrùn àti ti ìka láìfi "a dúpẹ́" ṣíwájú. Lẹ́yìn náà kó béèrè ìròyìn kejì lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ egungun, kó sì fi gbólóhùn dókítà àkọ́kọ́ ṣe ẹ̀rí ìdí tó fi ń béèrè. Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ ìjàm̀bá ni òfin fún un láti gbé ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ìyẹn oṣù Kejì 2027. Ó kọ déètì náà sí ẹ̀yìn ìwé náà níwájú mi, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí i.