Wọ́n ní àwọn ò mọ àbúrò mi, ṣùgbọ́n wọ́n ń yọ owó rẹ̀

Àbúrò mi obìnrin tó ń ta aṣọ l'Ọjà Ọba, Akúrẹ́, pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́ nínú áàpù kan tó fi ń tún fọ́tò ọjà ṣe. Oṣù yí po, áléètì dún: ₦6,500 ti lọ. Ó kọ̀wé sí àwọn aláàpù. Ọjọ́ kejì wọ́n fèsì pé àwọn ò rí orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Wọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ owó rẹ̀ í gbà!

Ó gbé fóònù náà wá bá mi. Risíìtì inú ímeèlì ni mo kọ́kọ́ wá. Nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GPA, ìyẹn ni pé orí Google Play ló ti sanwó. Ọ̀dọ̀ Google Play ni àdéhùn oṣooṣù náà wà. Ẹ pa àkáǹtì rẹ́, ẹ yọ áàpù kúrò lórí fóònù, kò kàn án. Bí kò bá sí GPA níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ àwọn aláàpù fúnra wọn ni káàdì yín wà. Ẹ wọlé lọ fagi lé àdéhùn náà kí ẹ tó pa àkáǹtì rẹ́, torí inú àkáǹtì yẹn ni bọ́tìnnì rẹ̀ máa ń wà.

Mo ṣí Play Store, mo tẹ fọ́tò tó wà ní igun òkè, mo tẹ `Payments & subscriptions`, mo tẹ `Subscriptions`. Òfo! Mo pa fóònù, mo tún un tàn. Òfo náà ni. Àbúrò mi wá ń wò mí bí ẹni tó ń wo babaláwo tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ rẹ̀ kò fọhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kúkú lọ ti káàdì náà pa ní báńkì?"

Mo ní kó ní sùúrù. Mo padà sórí risíìtì, mo wo ímeèlì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ti ṣọ́ọ̀bù ni, èyí tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá a ṣí. Èyí tó wà lójú Play Store sì ni tirẹ̀ gan-an! Ímeèlì méjì lórí fóònù kan, kò sì sí ẹni tó sọ fún mi. Mo tẹ ọfà ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, mo mú ti ṣọ́ọ̀bù, àdéhùn náà sì yọjú tòun ti ọjọ́ tí wọ́n tún máa yọ owó. `Cancel subscription`. Ó bi wá nídìí, a mú ìdí kan, ímeèlì ìfagilé sì wọlé.

Ìgbà yẹn ni mo tó kan káàdì: `Payment methods`, `More payment settings`, `Remove`. Bí a bá kọ́kọ́ yọ káàdì, owó lè má lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn á kàn so rọ̀ ni. Lọ́jọ́ tó bá fi káàdì mìíràn síbẹ̀, wọ́n lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́.

Nígbà tí mo rí i pé ó yọrí, mo ṣe bẹ́ẹ̀ sí áàpù kan tí èmi náà ń sanwó oṣooṣù fún. Mo fagi lé àdéhùn rẹ̀, mo yọ káàdì, mo dúró kí ọjọ́ ìsanwó kọjá láìsí áléètì, kí n tó pa àkáǹtì rẹ́.

₦6,500 yẹn ńkọ́? Wákàtí 48 kò tí ì pé lórí rẹ̀, a béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ Google Play, wọ́n sì dá a padà. Ká ní ó ti lé ni, ọ̀dọ̀ àwọn aláàpù tó ní àwọn ò mọ̀ ọ́n ni wọn ì bá ní ká lọ.