Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nípa apẹ́ńdíìsì: ìrọ̀rùn tó ń tan ènìyàn jẹ

Ẹni tí apẹ́ńdíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kì í sábà sọ pé ìsàlẹ̀ ikùn ọ̀tún ló ń dun òun. Ìdodo ni yóò fọwọ́ kàn. Inú ń run ún yí ìdodo ká, kò lè tọ́ka sí ojú kan, oúnjẹ kò sì wù ú jẹ. Nílé wa, jẹ̀díjẹ̀dí la ó kọ́kọ́ pè é, a ó sì wá àgbo lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan ṣe àpẹẹrẹ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Ó gbìyànjú láti jẹun, kò lọ. Nígbà tó di òru, ó bì lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ fún un ní àgbo, ó yàgbẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní, "Mọ́mì, ìdodo ti fi mí sílẹ̀ o, apá ọ̀tún nìkan ló kù." Gbogbo ilé dúpẹ́. Wọ́n gbà pé àgbo ti ń ṣiṣẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìrora tó kúrò ní ìdodo tó wá jókòó sí ìsàlẹ̀ ọ̀tún kò tíì lọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ojú rẹ̀ hàn ni. Apẹ́ńdíìsì jẹ́ ìfun tín-ín-rín kan, bí ìka ọwọ́, tó so mọ́ ibi tí ìfun ńlá ti bẹ̀rẹ̀, tí orí rẹ̀ kejì sì dí. Bí ìgbẹ́ líle bá há sí ẹnu rẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ bá wú nínú, omi tó ń sun níbẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde, ó ń fẹ̀ síwájú àti síwájú. Iṣan ìmọ̀lára tó ń ti inú rẹ̀ bọ̀ ń wọ ọ̀pá ẹ̀yìn ní ojú kan náà pẹ̀lú èyí tó ń ti agbègbè ìdodo wá, ìdí nìyẹn tí ọpọlọ fi ń ka ìrora náà sí ti ìdodo. Láàárín wákàtí bíi 12 sí 24, wíwú náà á kan awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo inú ikùn. Awọ yìí mọ ojú ibi tó ń dùn ún gan-an, ìyẹn ni aláìsàn fi lè wá fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ìrora á rìn bẹ́ẹ̀ fún. Tí apẹ́ńdíìsì bá fara pamọ́ sẹ́yìn ìfun, ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ló lè máa dun ènìyàn. Tó bá wà nísàlẹ̀ gan-an, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́n lemọ́lemọ́. Nínú aláboyún, ìrora lè ga ju ibi tí a ti ń retí rẹ̀. Ohun kan wà tí mo máa ń bèèrè kí n tó bèèrè ohunkóhun mìíràn: èwo ló ṣáájú, inú rírun ni àbí èébì? Nínú apẹ́ńdíìsì, inú rírun ló sábà máa ń ṣáájú.

Àgbo ìyàgbẹ́, fífọ inú láti ìdí, àti fífi òróró ra ikùn, kò sí ọ̀kan tí ó lè yọ ohun tó há nínú ìfun tó dí lórí kan. Ìfun tó ti wú sì ni a ó máa da láàmú. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wídàl, kí èsì jáde pé taífọ́ọ̀dù wà, kí wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ taífọ́ọ̀dù tọ́jú rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àyẹ̀wò yẹn nìkan kò tó, torí ó lè jẹ́ àmì taífọ́ọ̀dù tí ènìyàn ti ní rí ló ń mú jáde. Ìgbà tí a ń tọ́jú taífọ́ọ̀dù, apẹ́ńdíìsì ń wú lọ.

Ọmọ wa dé ilé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ Ajé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ síwájú bó ṣe ń rìn, ó fọwọ́ gbá ikùn mú. Lórí bẹ́ẹ̀dì, kò fẹ́ yí padà. Dókítà ní kó wúkọ́, ó fajú ro, ọwọ́ rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Dókítà wá fi ojú wọn ìlà láti ṣóńṣó egungun ìbàdí ọ̀tún dé ìdodo, ó tẹ ibi ìdá kan nínú mẹ́ta láti egungun náà: ibẹ̀ ló dùn jù. Charles McBurney, oníṣẹ́ abẹ kan ní New York, ló ṣàlàyé ojú ibi yìí ní 1889. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹ apá òsì, ọmọ náà sì ké pé ọ̀tún ló ń dùn ún. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀, kò le.

Àwọn kan kì í gba oògùn ìrora ní ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí dókítà lè mọ ibi tó ń dùn wọ́n. Ìgbàgbọ́ àtijọ́ ni. Oògùn ìrora tí wọ́n fún ènìyàn níbẹ̀ kì í pa àmì àìsàn yìí rẹ́. Èyí tó léwu ni kí ènìyàn jókòó sílé, kó máa fi oògùn ìrora sún ọjọ́ síwájú.

Wọ́n ní kó lọ ṣe síkáànì. Ohun tí onísíkáànì ń wá ni ìfun kan tí orí rẹ̀ dí, tó fẹ̀ ju mìlímítà 6 lọ, tí kò sì tẹ̀ nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ náà rọra tẹ ikùn. Ó lè rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tàbí ọ̀rá àyíká rẹ̀ tó ń funfun lójú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti kún ìfun ọmọ yìí, èsì sì kà pé wọn kò rí apẹ́ńdíìsì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ka ìwé náà, ó ní, "Wọn ò rí nǹkan kan, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"A kò rí apẹ́ńdíìsì" yàtọ̀ sí "a rí i, ó dáa." Ti àkọ́kọ́ kò tú ènìyàn sílẹ̀ rárá. Bí ara aláìsàn bá ṣì ń sọ bákan náà, kí ó dúró síbẹ̀, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tàbí kí wọ́n ṣe síkáànì sí-tí, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ya àwòrán inú ikùn, tó sábà máa ń rí i. Obìnrin tó lè lóyún gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò oyún, torí oyún tó dúró síta ilé ọmọ pẹ̀lú máa ń dun ènìyàn níbẹ̀.

Wọ́n mú ọmọ náà lọ sílé. Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrora dédé rọlẹ̀. Ó sùn, kódà ó béèrè omi. Ìrọ̀rùn yìí ló burú jù nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìfun bá fẹ̀ débi pé ó fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pa, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè wọ ibẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ á kú, á sì bẹ́. Bó bá ti bẹ́, ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ láti inú rọlẹ̀, ìrora náà á sì dín kù fún wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọyún á tàn ká ikùn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, gbogbo ikùn ọmọ yìí ti le bíi pákó, ara rẹ̀ gbóná gan-an, ọkàn rẹ̀ ń sáré.

Nínú ọjọ́ àkọ́kọ́, bíbẹ́ kò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn bíi wákàtí 36 ni ewu rẹ̀ ń ga, ó sì máa ń yá jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwọn ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, tí wọn kò lè ṣàlàyé ara wọn. Iṣẹ́ abẹ tí wọn ì bá fi ojú kékeré ṣe ní ọjọ́ Ajé wá di èyí tí wọ́n la ikùn, tí wọ́n fọ ọyún, tí wọ́n fi rọ́bà sílẹ̀ kí ìyókù lè máa sun jáde, tí wọ́n sì ń fún un lóògùn apakòkòrò lójú iṣan fún ọjọ́ mélòó kan.

Àwọn kan ti gbọ́ pé oògùn apakòkòrò nìkan lè wo apẹ́ńdíìsì tí kò tíì bẹ́. Òótọ́ ni fún àwọn kan, lábẹ́ ojú dókítà, lẹ́yìn síkáànì, àìsàn náà sì lè padà wá. Kì í ṣe kápúsù méjì láti kẹ́mísì. Ẹni tó bá ń gbé aláìsàn lọ ilé ìwòsàn, kí ó má fún un ní oúnjẹ lójú ọ̀nà, kí ó sì sọ fún dókítà ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, ibi tó ti kọ́kọ́ dùn ún, ohun gbogbo tó ti lò, àgbo pẹ̀lú, àti ìgbà tó jẹun kẹ́yìn.