Bí a ṣe ń dá ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ tó ń bá wa jà lábẹ́lẹ̀ lóhùn

Aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú ni fáìlì náà tó dé ọwọ́ mi, aago márùn-ún geere sì ni ọ̀gá ń retí ìròyìn oṣù. Láti ọjọ́ Ajé ló yẹ kí n ti rí i. Mo bi ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ka ọjà pé kí ló dé, ó ní, "Háà, mo rò pé ẹ ti ní i ni, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gbogbo nǹkan." Ẹgbẹ́ ni wá, "ìwọ" la sì ń pe ara wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni "ẹ" ṣàdédé wọ ẹnu rẹ̀, láti ìgbà tí mo tún iye kan tó kà ṣe níwájú ọ̀gá nínú ìpàdé.

Ẹni tó ń bá ọ jà báyìí kì í pariwo. Ó ń bá ọ yodì, ó ń sọ òkò ọ̀rọ̀, ó sì ń fa iṣẹ́ rẹ sẹ́yìn lọ́nà tí o kò fi ní rí i dì mú. Àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà kọ nípa irú ìwà yìí ní 1945. Wọ́n rí àwọn sójà tí wọn kò lè wí fún ọ̀gá wọn pé àwọn ò ṣe, tí wọ́n wá ń fajú ro, tí wọ́n ń fi iṣẹ́ falẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣe é ní ìdàkudà. Ohun tí èyí kọ́ mi ni pé ẹni tí kò ríbi sọ ọ́ lójú ló ń fi ọwọ́ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Nítorí náà, nǹkan méjì ni wàá ṣe. Wàá ṣí ilẹ̀kùn iwájú kó lè sọ ohun tó ń dùn ún, wàá sì ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kó má lè gba ibẹ̀ ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́.

Rí i dájú pé odì ni

Wo bó ṣe ń ṣe sí àwọn ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ló ń pẹ́ dá lóhùn, iṣẹ́ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bó bá ń dá àwọn yòókù lóhùn láàárín wákàtí kan, tí tìrẹ sì ń gba ọjọ́ mẹ́ta, odì ni. Lẹ́yìn náà, ronú padà sí ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wàá rí nǹkan níbẹ̀: ìyìn tí wọ́n fún ọ lórí iṣẹ́ tí ẹ jọ ṣe, ipò tó ń retí tó bọ́ sí ọ lọ́wọ́, tàbí àtúnṣe tí o ṣe fún un lójú àwọn ènìyàn bíi tèmi.

Ra ìwé kékeré kan. Ìwé àti bírò ni mò ń lò, inú báàgì mi ló sì ń gbé. Má kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́, nítorí kì í ṣe tìrẹ. Bó ò bá ní ìwé, ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà náà tó. Ìlà kan péré ni fún ìṣẹ̀lẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, àti ohun tí iṣẹ́ pàdánù. "Ọjọ́ Ẹtì, fáìlì dé ní 4:40, ìròyìn lọ láìyẹ̀ ẹ́ wò." Má kọ pé "ó ń jowú mi". O ò lè fi owú han ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n o lè fi aago hàn wọ́n. Bí ìlà mẹ́ta bá ti pé, ó ti tó.

Òkò ọ̀rọ̀

Nínú ìpàdé kan, wọ́n béèrè ìbéèrè kan, ẹlẹgbẹ́ mi sì sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀mọ̀ràn wa." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Mo sọ tèmi padà pé ó kúkú yẹ kí ẹnì kan mọ̀ nǹkan níbí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́fà ni fáìlì tó tẹ̀ lé e fi pẹ́.

Ohun tó ń mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gúnni ni pé ó ní ojú méjì. Bí o bá bínú, á ní eré ni. Bí o bá bá wọn rẹ́rìn-ín, o ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Béèrè ojú tó fi wò ó: "Ọ̀rọ̀ yẹn ò yé mi dáadáa. Ṣé nǹkan kan wà nínú iye yìí tí kò tọ́ ni?" Kí o sì dákẹ́. Ohùn tí o fi ń béèrè aago ni kí o lò. Bí ohùn rẹ bá le díẹ̀, ìwọ náà ti sọ òkò nìyẹn. Bó bá ní eré lòun ń ṣe, sọ pé "Ó dáa", kí o sì máa bá iṣẹ́ lọ. Má lé e.

Ìjókòó ẹni méjì: ibí ni wọ́n ti ń bà á jẹ́

Mo ti rí àwọn tó ṣe gbogbo nǹkan tó kù dáadáa, tí wọ́n wá dé ibí tí wọ́n sì da gbogbo rẹ̀ nù. Má ṣe é lójú ènìyàn, má ṣe é nípa àtẹ̀jíṣẹ́, má sì ṣe é lọ́jọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ gan-an. Jẹ́ kó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò kì í ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nítorí ọjọ́ méjì ni yóò fi jókòó sílé máa rò ó. Má sì sọ fún un láti àná pé o fẹ́ rí i. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó, nínú yàrá kan tí ẹnikẹ́ni kò sí.

Àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kí ló dé tí o ń bínú sí mi?" Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà fún ìyẹn: "Èmi? Mi ò bínú o." Bó bá sì ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ó di dandan kó dúró tì í, ilẹ̀kùn ti tì. Ohun tí ojú rẹ rí ni kí o sọ, má sọ ohun tó wà nínú ọkàn rẹ̀.

Àṣìṣe kejì ni kí o kó gbogbo inú ìwé kékeré wá. Bí o bá ka nǹkan mẹ́wàá sí i lọ́rùn, o ti sọ ọ́ di ilé ẹjọ́, á sì wá tìẹ náà jáde. Ẹyọ kan ni kí o mú wá, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀. Má sì sọ pé "gbogbo ènìyàn ló ti rí i", nítorí ẹni tó sọ ọ́ ni yóò máa wá kiri látìgbà náà.

Ohun tí mo sọ nìyí: "Fáìlì iye ọjà dé ní aago márùn-ún ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ajé la jọ fi àdéhùn sí. Mi ò ráyè yẹ ìròyìn náà wò kó tó lọ. Kí ló fà á?"

Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu dé. Ibí yìí ló le jù. Ara ò ní gbà á fún ọ, wàá fẹ́ fi kún un pé "àbí iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ ẹ ni?" Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀, o ti bá a wá irọ́ tó máa pa. Mo máa ń ka ení, èjì títí dé ogún nínú ara mi. Kí n tó dé méjìlá, ó ní, "Kò sí nǹkan kan."

Má bá a jiyàn lórí "kò sí nǹkan kan". Bí o bá ní ẹ̀bi tìrẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìsinsìnyí ni kí o sọ ọ́. Mo ní, "Mo tún iye rẹ ṣe níwájú ọ̀gá. Ó yẹ kí n ti pè ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Má bínú." Má fi "ṣùgbọ́n" kankan tẹ̀ lé e, ẹyọ kan lásán ti tó láti ba ẹ̀bẹ̀ náà jẹ́. Ó wo tábìlì títí, ó wá ní, "Àwọn tó wà níbẹ̀ lé ní ogún." Ọ̀rọ̀ tààrà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé iye náà kò kúkú tọ́. Mo gbé e mì.

Bí kò bá sọ nǹkan kan ńkọ́? Lọ sí iwájú: "Ó dáa. Ṣé ọjọ́ Ajé ṣì rọrùn, àbí ká gbé e sí ọjọ́ mìíràn?" Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì, torí òun ló fún un láyè láti sọ pé rárá láìjà. Èmi ò mọ̀ pé ọjọ́rú ni iye láti àwọn ẹ̀ka yòókù ń tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ tó lè ṣe é, kò sì sọ ọ́ rí.

Bó bá jù ọ́ lọ, ọ̀nà kan náà ni, "ẹ" ni kí o lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì kí i dáadáa kí o tó sọ̀rọ̀. Má kàn jẹ́ kí ìkíni náà gbé ọjọ́ àti aago mì.

Ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, kọ ímeèlì kékeré sí i. Tèmi kà báyìí: "A fi àdéhùn sí i pé fáìlì iye ọjà á máa dé kó tó di aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Bó bá máa yẹ̀, jọ̀ọ́ sọ fún mi ní ọjọ́rú. Bí mi ò bá rí i, iye oṣù tó kọjá ni màá lò, màá sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé iye oṣù tó kọjá ni."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti dákẹ́, iṣẹ́ dúró nìyẹn, agbára ẹni tó ń yodì sì wà nínú ìdúró yẹn. Nísinsìnyí, bó dákẹ́, iṣẹ́ ń lọ, ibi tí iye náà kò ti pé á sì hàn kedere láìjẹ́ pé o dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Má fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ọjọ́ tí o bá ṣàdédé fi orúkọ ọ̀gá sí i ni ogun bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí ọ̀gá máa rí i, láti ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni kí o ti máa ṣe é, fún gbogbo ènìyàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bébà kan lára ògiri, tí iṣẹ́ kálukú àti ọjọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò dárúkọ ẹni burúkú, kò sì náni ní nǹkan kan.

Bó bá tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn èyí, tọ ọ̀gá lọ. Má ròyìn ìwà rẹ̀. Sọ ohun tí iṣẹ́ pàdánù, fi ímeèlì náà hàn, kí o sì béèrè nǹkan kan pàtó, bíi kí fáìlì náà máa tọ́wọ́ ọ̀gá kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ó ń pa iṣẹ́ rẹ rẹ́, tó ń purọ́ mọ́ ọ, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọ, má dá lọ bá a jókòó rárá. Kó ẹ̀rí rẹ, kí o sì gba ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, fáìlì náà dé ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, láìsí ìkíni kankan. Oṣù kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. "Ẹ" yẹn ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ fún bí oṣù méjì, mi ò sì bi í. Lọ́jọ́ kan, ó nawọ́ pè mí láti ibi tábìlì rẹ̀: "Wá wo ibí yìí, ó jọ pé o ka èyí lẹ́ẹ̀mejì." Mo gbé àga mi lọ síbẹ̀. Lóòótọ́, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì.