Bí ẹ ṣe máa mòòkùn tí omi ò fi ní ba etí yín jẹ́

Tẹ́ ẹ bá ti wọ apá ibi tó jìn nínú púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan rí l'Óṣogbo níbí, tẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ rì lọ fọwọ́ kan ilẹ̀ ẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ò tíì ní dé ìdajì tí etí á ti dí, tẹ́ ẹ bá sì tún lọ síwájú díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà yẹn ni pé wọ́n á fún imú pọ̀, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn pẹ̀lú gbogbo agbára wọn títí nǹkan á fi dún nínú etí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Fífún imú pọ̀ yẹn ò burú o, àsìkò tí wọ́n ń ṣe é àti agbára tí wọ́n ń fi sí i ló ń ba etí jẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Lẹ́yìn ìlù etí, àyè kékeré kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn kún inú ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló sì ní, ihò tín-ín-rín kan tó já sẹ́yìn imú, lókè ọ̀fun. Pípa ni ihò yẹn máa ń wà, ìgbà tá a bá gbé itọ́ mì tàbí tá a bá yán ló máa ń ṣí fìrí. Bẹ́ ẹ ṣe ń rì, omi ń ti ìlù etí wọnú, atẹ́gùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ń súnkì, àfi kẹ́ ẹ fi atẹ́gùn míì kún un láti ẹ̀yìn imú. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fojú rí i, ẹ mú ike omi òfìfo kan, ẹ dé e pa dáadáa lókè, kẹ́ ẹ gbé e lọ sísàlẹ̀ púùlù tó jìn tó mítà 3. Ẹ máa rí i tó rún wọnú, torí atẹ́gùn inú ẹ̀ ti dín kù tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ní mítà 10 nínú òkun, ìdajì péré ló máa kù. Àmọ́ láti mítà 10 yẹn sí 20, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó kù ni yóò tún lọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè, nítòsí ibi tá a ti wọlé, ni etí ti ń yọni lẹ́nu jù, kì í ṣe ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún.

Ibi tó wá ṣe pàtàkì jù rèé. Ẹnu ihò yẹn lẹ́yìn imú, ẹran rírọ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá ti rì tó nǹkan bíi mítà kan àti díẹ̀ láìṣí i, ìyẹn omi tó kàn mu àgbàlagbà dé àyà, omi á ti tẹ ẹran yẹn pa mọ́ra débi pé ó lè tì pa, kò sì sí iye atẹ́gùn tẹ́ ẹ fẹ́ tó máa ṣí i. Bẹ́ ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ tó ni ẹ tún ń tì í pa sí i. Nítorí náà tí etí bá ti ń ta yín, ẹ ti pẹ́. Kí ó tó ta yín lẹ ti gbọ́dọ̀ ṣí i.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ mòòkùn, ẹ fi ìka méjì fún ihò imú pọ̀, ẹ pa ẹnu dé, ẹ wá gbé itọ́ mì. Ó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ìró kékeré kan, "tà", nínú etí ọ̀tún àti òsì. Toynbee, dókítà etí ará Lọ́ńdọ̀nù kan láyé ọjọ́un, ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe ọ̀nà yìí. Tí ẹyọ kan ò bá dún, tàbí tí ọ̀fìnkìn bá ń ṣe yín, tí imú dí, ẹ má wọ omi tó jìn lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń lo oògùn tó ń ṣí imú kí wọ́n tó wọlé, ó máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n tí agbára ẹ̀ bá tán nígbà tẹ́ ẹ ṣì wà nísàlẹ̀, atẹ́gùn tó ti wọ etí ò ní rí ọ̀nà jáde bẹ́ ẹ ṣe ń gòkè bọ̀, ìlù etí á wá máa wú síta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ́ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Frenzel, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó kọ́ àwọn awakọ̀ òfurufú ní ọ̀nà yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀nà Valsalva ni ọ̀pọ̀ mọ̀, ìyẹn ni kéèyàn fún imú pọ̀ kó sì ti atẹ́gùn láti inú àyà wá. Ó ṣeé lò tẹ́ ẹ bá rọra ṣe é, láì ju ìṣẹ́jú-àáyá 5 lọ, àmọ́ àyà lágbára, kíá lèèyàn máa ń ti í jù. Frenzel ní tiẹ̀, ahọ́n ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró níwájú dígí, ẹ fún imú pọ̀, ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ ṣe bíi pé ẹ fẹ́ gbé nǹkan tó wúwo, kí ọ̀fun tì, atẹ́gùn ò ní wọlé kò sì ní jáde. Ẹ wá ṣe bíi pé ẹ fẹ́ pe lẹ́tà "k" láìsí ohùn, kí ẹ̀yìn ahọ́n gbéra lọ sókè sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbà á, ẹ máa rí i nínú dígí pé ihò imú wú díẹ̀ lábẹ́ ìka yín, gògóńgò gòkè, ṣùgbọ́n àyà àti ikùn ò mira rárá. Tí ikùn bá ń le, Valsalva lẹ ṣì ń ṣe. Ẹ máa ṣe é nílé, lórí àga, ní ìdákúrekú, títí kó fi di ara.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá wọ omi, ẹ ṣí etí lẹ́ẹ̀kan kí orí tó wọlé, ẹ tún ṣí i bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa ṣí i kí ara tó lọ sísàlẹ̀ tó ìdajì mítà síi, yálà ẹ mọ̀ ọ́n lára tàbí ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹsẹ̀ ni kó máa ṣáájú, kẹ́ ẹ di okùn tàbí àtẹ̀gùn púùlù mú, torí orí-wọlé máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ sáré wá sí orí, ihò yẹn á wú, á ṣòro ṣí. Àwọn tó ń lo sílíńdà, ìyẹn agolo atẹ́gùn tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn láti máa mí nísàlẹ̀ omi, láǹfààní yìí gan-an, wọ́n lè rọra lọ. Ẹni tó ń mòòkùn lórí èémí kan ṣoṣo ló máa ń sáré, bí àwọn tó ń wa yanrìn nínú ọ̀sà l'Ékòó, ìyẹn ló fi yẹ kó mọ Frenzel jù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Òkè-Fìà, tó ń múra láti lọ kọ́ lílo sílíńdà l'Ékòó, ni mo bá ṣe é láìpẹ́. Etí ọ̀tún ẹ̀ ń dún "tà" wéré, tòsì ò dáhùn. Nínú púùlù tó jìn tó mítà 3, ó dé nǹkan bíi mítà kan, ọ̀tún ti ṣí, òsì dí, ó fẹ́ máa lọ torí ọ̀tún ò yọ ọ́ lẹ́nu. Mo fọwọ́ dá a dúró. Ó gòkè padà títí òsì fi fúyẹ́, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún kí etí òsì kọjú sókè, ó gbé àgbọ̀n síwájú díẹ̀, ó wá ṣe Frenzel rọra. Ó dún. Ó lọ sísàlẹ̀ ìdajì mítà, ó dúró, ó tún ṣe é. Ó pẹ́ kó tó dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé ibẹ̀ láìsí ìrora kankan. Etí tó lọ́ra nínú méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa bá rìn, kì í ṣe èyí tó yá.

Tó bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀, ẹ gòkè tó mítà kan, ẹ tún gbìyànjú rọra. Tó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ jáde. Ẹ má kó nǹkan dí etí kẹ́ ẹ tó mòòkùn, ì báà jẹ́ òwú tàbí rọ́bà ìdítí, torí atẹ́gùn tó há láàárín rọ́bà àti ìlù etí ò ní ọ̀nà kankan. Gọ́gùlù tí kò bo imú náà, orí omi ló wà fún, nísàlẹ̀ ó máa fa ojú mọ́ra. Máàsìkì tó bo imú ni kẹ́ ẹ lò.

Bẹ́ ẹ ṣe ń bọ̀ lókè, ẹ má fún imú pọ̀ rárá, ẹ kàn máa gbé itọ́ mì, atẹ́gùn á jáde fúnra ẹ̀. Tí etí bá ń ta yín nígbà yẹn, ẹ padà sísàlẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá gòkè bíi pé ẹ ò kánjú, tó bá jẹ́ pé èémí tàbí atẹ́gùn sílíńdà ṣì tó. Ẹni tó ń lo sílíńdà ò gbọ́dọ̀ há èémí mọ́ra bó ṣe ń gòkè o, ẹ̀dọ̀fóró ló máa ṣe léṣe.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa: tí ìrora líle bá ṣàdédé lọ, tí omi tútù wọnú etí, tí gbogbo ayé ń yí yín po, ìlù etí ti lu nìyẹn. Omi tútù tó wọ inú ló ń fa òòyì yẹn, ó sábà máa ń rọlẹ̀ tí omi bá ti móoru nínú ibẹ̀. Ẹ di okùn tàbí àtẹ̀gùn mú, ẹ wo ibi tí hóró atẹ́gùn ń gbà lọ kẹ́ ẹ lè mọ ọ̀nà òkè.

Tẹ́ ẹ bá jáde tí etí dí, tó ń ro yín, tí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wá látimú, ẹ jẹ́ kí etí gbẹ. Kò gbọdọ̀ sí àdí gbígbóná, kò gbọdọ̀ sí oògùn ìkán-sétí láti kẹ́míìsì, kò gbọdọ̀ sí ìyẹ́ adìẹ, torí ẹ ò mọ̀ bóyá ìlù etí ti lu, ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kán sí i ń lọ sínú lọ́hùn-ún. Ẹ má fẹ́ imú gidigidi, kẹ́ ẹ sì yàgò fún omi, pàápàá omi odò Ọ̀ṣun tó ti pọ́n láti ọdún mélòó kan yìí. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo inú ẹ̀, ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọ̀ṣun nílùú níbí.

Ṣùgbọ́n tí òòyì ò bá lọ, tí etí ń hó ṣáá, tẹ́ ẹ rí i pé ẹ ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan, pàápàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ fẹ́ imú tipátipá, inú etí gan-an ló kàn, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹ gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí, ẹ má gbé ẹrù, ẹ má fi agbára ṣe nǹkan kan. Tó bá jẹ́ sílíńdà lẹ lò, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe jìn tó àti bó ṣe pẹ́ tó nísàlẹ̀, torí àìsàn tí gáàsì inú ẹ̀jẹ̀ ń fà lẹ́yìn mímòòkùn náà lè mú irú òòyì yẹn wá, ìtọ́jú méjèèjì sì yàtọ̀.

Ìlù etí tó lu sábà máa ń pa ojú dé fúnra ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀. Ẹ má padà sómi kí dókítà tó fojú ara ẹ̀ rí i pé ó ti dí, kẹ́ ẹ sì tún ṣe ti Toynbee yẹn lórí ilẹ̀, kí etí méjèèjì dún kẹ́ ẹ tó wọlé.