Ímeèlì ìkànnì tuntun: àwọn àṣìṣe tó ń lé oníbàárà àtijọ́ sẹ́yìn

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ènìyàn á fi oṣù púpọ̀ kọ́ ìkànnì, á sanwó fún ẹni tó kọ́ ọ, á sanwó fún ẹni tó ya fọ́tò ọjà, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó máa fi ímeèlì tó ń kéde ìkànnì náà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa jókòó kọ ọ́. Àwọn oníbàárà kò ní dé ìkànnì náà. Nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n á ṣì máa pè bí wọ́n ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀. Àbújá ni mo ti ń bá àwọn oníṣòwò ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn àṣìṣe kan náà ni mo sì ń bá pàdé.

1. Ẹ ń ròyìn ara yín, ẹ kò sọ ohun tí oníbàárà lè ṣe.

Oníṣòwò kan tó ń ta ínfátà àti bátìrì ní Wuse gbé tirẹ̀ wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ń sọ bí inú wọn ṣe dùn tó. Ìkejì jẹ́ ìtàn ilé iṣẹ́ náà. Ìkẹta ń yin àwọ̀ tuntun. Ìlà tó gbẹ̀yìn pátápátá ló sọ pé “ẹ lè rí rísíìtì yín àti àwọn iṣẹ́ mìíràn níbẹ̀.” Ẹni tó ra bátìrì lọ́dún tó kọjá, tó ń gbé ní Kubwa, kí ló kàn án nípa àwọ̀? Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni oṣù tó kù lórí wáráńtì rẹ̀, àti bó ṣe máa rí oníṣẹ́ tí ínfátà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ìkànnì náà lè ṣe méjèèjì, wọ́n kàn fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ni.

A da gbogbo rẹ̀ nù. Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ tuntun, torí oríṣiríṣi ènìyàn ló ń rajà ní Àbújá, ṣùgbọ́n bó ṣe lọ nìyí. Àkọlé: “Ẹ lè wo wáráńtì bátìrì yín lórí ìkànnì wa báyìí.” Lẹ́yìn ìkíni: “A ti ṣí ìkànnì tuntun. Nǹkan mẹ́ta lẹ lè ṣe níbẹ̀ láti òní. Ẹ lè wo rísíìtì yín àti oṣù tó kù lórí wáráńtì. Ẹ lè mú ọjọ́ tí oníṣẹ́ máa wá. Ẹ lè ra bátìrì tuntun kí a gbé e wá bá yín nílé. Àbújá nìkan ni àwọn oníṣẹ́ wa ń dé fún ìsinsìnyí. Ṣọ́ọ̀bù wa kò kúrò níbi tó wà, nọ́ńbà wa kò sì yí padà.” Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní líńkì tirẹ̀ tó lọ tààrà sí ojú ewé tirẹ̀. Tí ẹ bá kó gbogbo wọn lọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ ti rán oníbàárà lọ wá ohun tí ẹ ti ṣèlérí fún un.

2. Ẹ má fi àwòrán kan ṣoṣo ṣe gbogbo ímeèlì. Tí àwòrán náà kò bá ṣí, òfìfo ni oníbàárà máa rí.

3. Ẹ má kó àdírẹ́sì gbogbo ènìyàn sínú “To” tàbí “Cc”. Ẹ ti fi àwọn oníbàárà han ara wọn nìyẹn, òfin ààbò dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kò sì fara mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù ló ń dùn mí jù. “Ẹ wọlé pẹ̀lú páásíwọ́ọ̀dù yín.” Páásíwọ́ọ̀dù wo? Ìdajì àwọn tó wà lórí ìwé àwọn oníbàárà lè jẹ́ ẹni tó rajà ní orí káńtà, tí kò ní àkáǹtì rí. Ní ti àwọn tó ní àkáǹtì lórí ìkànnì àtijọ́, ìkànnì tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń lọ̀ ọ́ di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà padà. Tí ẹ bá kó lọ sí ìkànnì tí wọ́n fi ohun mìíràn kọ́, ìkànnì tuntun lè má mọ àwọn àmì yẹn rárá. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, kò ní ṣí. Á tún un tẹ̀, ìkànnì á tì í mọ́ta. Ẹ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn, kò sì ní sọ fún yín.

Àwọn kan rò pé àwọn ti rí ojútùú: wọ́n á fún gbogbo ènìyàn ní páásíwọ́ọ̀dù kan náà, wọ́n á kọ ọ́ sínú ímeèlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é láé. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì ímeèlì aládùúgbò rẹ̀ lè wọlé lọ wo ibi tó ń gbé àti ohun tó rà.

Àwọn mìíràn á fi líńkì ìyípadà páásíwọ́ọ̀dù ti oníbàárà kọ̀ọ̀kan sínú ìkéde náà. Ó dára lójú, ṣùgbọ́n irú líńkì bẹ́ẹ̀ máa ń kú láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì láti àárọ̀, tó dé Nyanya ní alẹ́, òkú líńkì ló máa tẹ̀. Líńkì tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni èyí tó lọ sí ojú ewé tí oníbàárà á ti tẹ ímeèlì rẹ̀, kí ìkànnì wá fi líńkì tuntun ránṣẹ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ sì sọ ọ́ gbangba: “Páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ lo ímeèlì tó wà lórí rísíìtì yín láti ṣe tuntun.” Bákan náà, nígbà tí ẹ bá ń kó orúkọ àwọn oníbàárà wọ inú ìkànnì tuntun, ẹ rí i pé ẹ ti pa ímeèlì tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ pé “a ti ṣí àkáǹtì fún yín.” Bí ìyẹn bá ṣáájú ìkéde yín, ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ rò ni pé gbájúẹ̀ ni.

Ẹ̀rù gbájúẹ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ojoojúmọ́ ni báǹkì ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má tẹ líńkì tí a kò mọ̀. Ẹ̀yin náà wá yí orúkọ ìkànnì yín láti `.com.ng` sí `.ng`, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ láti àdírẹ́sì tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ẹ ní kí wọ́n wá tún àkáǹtì ṣe. Àdírẹ́sì tí wọ́n mọ̀ ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò ní béèrè BVN, OTP tàbí nọ́ńbà káàdì kí wọ́n tó lè wo rísíìtì wọn. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gbé fóònù ní ṣọ́ọ̀bù kí ímeèlì tó jáde, torí oníbàárà tó gbọ́n máa pe nọ́ńbà orí rísíìtì láti bèèrè. Bí ọmọbìnrin tó gbé e bá ní “mi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀,” ó ti parí.

Ẹ má fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ yí ìkànnì padà. Fóònù ẹlòmíràn ṣì lè máa gbé e lọ sí ti àtijọ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ẹ fi láìnì MTN wò ó, ẹ fi Airtel náà wò ó.

Ẹ má ṣe é ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ náà. Ọ̀pọ̀ wà ní mọ́ṣáláṣí, bí ohun kan bá sì bàjẹ́, títí di Mọ́ńdè ni.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn, ẹ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Gmail tiyín. Ẹ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ “Show original”, ẹ wá àwọn wọ̀nyí, ìyẹn àyẹ̀wò mẹ́ta tó ń fi hàn pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì náà ti wá lóòótọ́:

```
SPF: PASS
DKIM: PASS
DMARC: PASS
```

Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Google ti ń béèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ sí Gmail lójúmọ́. Bí tiyín kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan bá kùnà, inú Spam ni ìkéde náà lè já sí. Ìdí kan tó wọ́pọ̀ ni pé ẹ ní ìlà SPF méjì, ìyẹn ìlà tó ń sọ ẹni tó lè fi ímeèlì ránṣẹ́ ní orúkọ yín, lórí orúkọ ìkànnì kan, èyí àtijọ́ àti èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi ímeèlì ránṣẹ́ ní kí ẹ fi kún un. Ọ̀kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà, ẹ pa wọ́n pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí ìwọ̀nba ènìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láti àdírẹ́sì tí wọ́n lè fèsì sí, kí ẹ sì ka èsì wọn. Ní ti oníṣòwò Wuse yẹn, àwọn tó kọ́kọ́ fèsì ń bèèrè ohun kan náà: ímeèlì tó wà lórí rísíìtì kì í ṣe tiwọn, akọ̀wé orí káńtà ló kàn tẹ ohunkóhun síbẹ̀. A fi ìlà kan kún un fún àwọn tó kù pé kí wọ́n fi nọ́ńbà rísíìtì ránṣẹ́ sí WhatsApp ṣọ́ọ̀bù, kí a bá wọn tún un ṣe.