Sẹ́ẹ̀lì Funfun Ò Tó Bẹ́ẹ̀: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí Sẹ́ẹ̀lì Pupa Oníkókó Bá Yọjú

Ó ti sú mi kí n máa rí èsì tí wọ́n kọ 24.0 sí fún sẹ́ẹ̀lì funfun, tí wọ́n tún kọ sísàlẹ̀ pé àwọn rí sẹ́ẹ̀lì pupa oníkókó, síbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe ìṣirò kankan. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí, ọmọ síkúlà ń wá sí láàbù lójoojúmọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ wọn bá ń bàjẹ́ kíákíá, mùdùnmúdùn inú eegun a máa kánjú tú sẹ́ẹ̀lì pupa tí kò tíì gbó síta, ti òun ti kókó inú rẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ ìkàẹ̀jẹ̀ àtijọ́ máa ń fi oògùn fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa, ohunkóhun tó bá kù tó ní kókó, funfun ni wọ́n ń kà á sí. Àwa la máa yọ ọ́ kúrò:

```
WBC tòótọ́ = WBC ẹ̀rọ × 100 / (100 + NRBC)
```

WBC ni iye sẹ́ẹ̀lì funfun; NRBC ni iye sẹ́ẹ̀lì pupa oníkókó tí ẹ bá pàdé níbi tí ẹ ti ń ka ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì funfun.

1. Ẹ má ka pupa mọ́ ọgọ́rùn-ún. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n gbé ọmọ ọdún mẹ́fà kan wá láti Òkè-Àjẹ, ẹ̀jẹ̀ SS, PCV 18%, ojú rẹ̀ ti rí bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú mú. Ẹ̀rọ ka 24.0. Ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ tó ka fíìmù, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí a tẹ́ sórí gíláàsì, ń tẹ kàńtà fún gbogbo ohun tó bá ti ní kókó, ó sì dúró nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún: funfun 67, pupa 33. Ó fi 33 sínú ìṣirò, ó rí 18.0.

Funfun 67 péré ló kà! Bí regbéregbé bá ń kọjá, tí wọ́n ní kí ẹ ka ọgọ́rùn-ún nínú wọn, ẹ ò ní ka onílù mọ́ wọn; ẹ̀gbẹ́ kan ìwé lẹ máa kọ iye onílù sí. Mo ní kó tún un kà, funfun nìkan lórí kàńtà, pupa lórí ìwé. Nígbà tí funfun pé ọgọ́rùn-ún, pupa jẹ́ 50. 24.0 lọ́nà ọgọ́rùn-ún, ká pín in sí 150, ó jẹ́ 16.0. Nínú káàdì ọmọ náà, 14.5 ni iye rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ yá. Ẹ wo bí 16.0 ṣe sún mọ́ ọn tó! Àmọ́ láàbù kan ti fún ìyá rẹ̀ ní 24.0 tẹ́lẹ̀, ó sì ti ra abẹ́rẹ́ apakòkòrò olówó ńlá nítorí nọ́ńbà yẹn. Mi ò sọ pé 16.0 fi hàn pé kò sí kòkòrò lára ọmọ o. Dókítà ló máa yẹ ara rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó tọ́ ló yẹ kó bá a lọ́wọ́.

2. Ẹ fi iye tuntun ṣe ìṣirò nútírófíìlì, oríṣi sẹ́ẹ̀lì funfun kan. Ìdajì sẹ́ẹ̀lì funfun ọmọ yìí ni nútírófíìlì, nítorí náà 8.0 ni, kì í ṣe 12.0. Ẹni tó ń lo háídírọ́síyúríà, oògùn síkúlà tó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ni mo ń bẹ̀rù fún jù: nútírófíìlì rẹ̀ lè ti lọ sílẹ̀ jù, kí nọ́ńbà tí a ò tún ṣe bò ó mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa fi oògùn kún oògùn.

Ẹ má tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ tuntun kan wà tó ń ka NRBC fúnra rẹ̀, tó sì ti yọ ọ́ kó tó gbé WBC jáde. Bí 16.0 bá ti jẹ́ iye tí a yọ tán, tí ẹ tún wá pín in, 10.7 lẹ máa kọ. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín.

Kí ẹ sì mọ ohun tí ẹ ń kà. Kókó sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti fẹ́ gbó a máa ṣù pọ̀ róbótó, á dúdú bí ẹ̀kán tàdáwà, omi ara rẹ̀ á sì jọ ti sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ti límúfósáìtì, sẹ́ẹ̀lì funfun kan tó jọ ọ́, ní àwọn ibi fífẹ́lẹ́ nínú kókó, omi ara rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Bí àwọ̀ Líṣímáànù bá ki jù, tàbí tí bọ́fà kò sí ní pH 6.8, gbogbo rẹ̀ á jọra. Ẹ tún fíìmù mìíràn kùn. Bí límúfósáìtì orí ẹ̀rọ bá fi púpọ̀ ju èyí tí ẹ fojú kà lọ, ẹ fura.

Láàbù púpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe bí NRBC bá ju 5 lọ, àwọn mìíràn ní ó di 10. Ẹ tẹ̀lé ti ibi iṣẹ́ yín. Bí pupa bá pọ̀ gan-an, ẹ ka funfun 200, kí ẹ pín iye pupa sí méjì. Lórí èsì, ẹ kọ iye tí ẹ tún ṣe àti NRBC pọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ti tún un ṣe, kí láàbù tó bá gba ìwé yẹn lọ́la má baà tún un yọ.