Ta Ló Dúró fún Ẹni Tó Kọ́kọ́ Kó Èésú?

Lẹ́yìn tí èésú àwọn àgbẹ̀ kan tú ká lẹ́bàá Gwagwalada ni wọ́n ní ká kọ ìwé yìí. A ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń dá èésú. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ adáṣì lẹ̀ ń pè é bíi tàwọn Háúsá tẹ́ ẹ jọ ń ná ọjà.

Ẹni tí owó kàn kí òjò tó dé á fi ra ajílẹ̀ àti irúgbìn láìsan èlé. Ẹni tó ń kó kẹ́yìn ló ń yá àwọn tó ṣíwájú lówó. Kó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó wọlé.

Ẹ wo bó ṣe bà jẹ́. Èèyàn mẹ́wàá ń dá 20,000 náírà lóṣù, ẹni tó bá kàn á kó 200,000. Ẹni àkọ́kọ́ kó tirẹ̀, ó sá. Ẹni kejì, ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin rí 180,000 kó. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àwọn mẹ́ta yìí ò dá mọ́. Àwọn mẹ́fà tó kù ti dá 80,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì rí kọ́bọ̀: 480,000 náírà ló wọmi. Tá a bá yọ ohun tí kálukú ti dá kúrò nínú ohun tó kó, ẹni tó sá gbé 180,000 lọ nínú rẹ̀. Àpò àwọn mẹ́ta tó ṣì ń kí wọn káàárọ̀ ni 300,000 tó kù wà.

Ṣé wọn ò gba onídùúró ni? Wọ́n gbà á! Ẹni kejì ni. Òun náà ti kó tirẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ fi mú un? Àṣìṣe tá à ń rí ṣáá nìyí, ó sì ti sú wa.

Ẹni tó máa kó owó lẹ́yìn ni kó dúró fún ẹni tó máa kó ṣáájú. Ká ní ẹni kẹwàá ló dúró fún ẹni tó sá ni, 180,000 tó máa kàn án ni wọn ì bá yọ 20,000 nínú rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ tí owó wọn dín. 20,000 péré ni ì bá kù fún un, òun ni ì bá sì lọ wá ẹni tó sá kàn.

Nítorí náà, kí àwọn márùn-ún tó kẹ́yìn dúró fún àwọn márùn-ún àkọ́kọ́, ẹnì kan fún ẹnì kan. Onídùúró ò gbọdọ̀ dúró fún èèyàn méjì, torí owó rẹ̀ ò ní tó. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i kẹ́ ẹ tó gba náírà àkọ́kọ́.

Èyí ò dí gbogbo ihò. Ẹni kẹfà ṣì lè sá pẹ̀lú gbèsè 80,000, ẹni kẹsàn-án pẹ̀lú 20,000. Ẹni tẹ́ ẹ mọ ilé bàbá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi sí ipò kẹfà. Ní Abuja níbí, nọ́ńbà fóònù nìkan la mọ̀ nípa ọ̀pọ̀ èèyàn, ó sì lè pa á lálẹ́ ọjọ́ tó kó owó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìdí ni kó dúró sí, kó kó kẹ́yìn.